Iṣẹ́ dára bí nǹkan míì, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé: ìràwọ̀ mélòó ló tọ́ sí i?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tó ń gbéṣẹ́ fáwọn tó ń dáṣẹ́ ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bíṣẹ́ bá burú, kò sí wàhálà, ìràwọ̀ kan ni wọ́n máa jù sí onítọ̀hún, kálukú á máa bá tiẹ̀ lọ. Bó bá dára tó sì tètè dé, ìràwọ̀ márùn-ún ni. Ibi tọ́rọ̀ ti máa ń dojú rú ni bíṣẹ́ ọ̀hún bá dára débi téèyàn ń fi í yangàn, àmọ́ tó jẹ́ ìgbà tọ́jà ti tú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ fọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń ṣe ọṣẹ dúdú àti òrí ìpara tà ní Sùúrùlérè ṣàpẹẹrẹ. Orí Upwork ló ti rí ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ya lébẹ̀ẹ̀lì, ó ní kó ya ti ọjà márùn-ún fóun. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fi àdéhùn sí, torí pé obìnrin náà ti sanwó àyè níbi ìpàtẹ ọjà kan tó máa wáyé lọ́jọ́ kọkànlélógún, àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú sì ti ní ọjọ́ méjì gbáko làwọn máa fi tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ 14 pé, kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹtàlélógún niṣẹ́ tó dé, ìpàtẹ ti lọ.

Bíṣẹ́ náà ṣe wá rí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó dára ju ohun tó sanwó fún lọ. Kódà lára ike kékeré, gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló ṣeé kà. Ọmọkùnrin náà fi àlàfo mìlímítà 3 sílẹ̀ létí fún ọ̀bẹ tó máa gé e, àwọ̀ ìtẹ̀wé ló sì lò, kì í ṣe àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà tó máa ń yí padà bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Atẹ̀wé ní Ṣómólú ní òun ò tún nǹkan kan ṣe nínú ẹ̀ kóun tó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹni tó bá sì mọ Ṣómólú mọ̀ pé wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé nìyẹn. Ọkọ obìnrin náà ní, "Ìyá Ìbejì, ìràwọ̀ kan ni kẹ́ ẹ fún un. Owó àyè tẹ́ ẹ san ńkọ́? Ṣé òun ló máa dá a padà ni?" Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní márùn-ún. Oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ ni, ẹ má bà á jẹ́."

Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Kéèyàn tó fọwọ́ kan ìràwọ̀ kankan, ohun àkọ́kọ́ ni kó ṣírò ọjọ́ tó ṣòfò, kó pín in sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kò sóhun tó le níbẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ ṣì wà lórí Upwork níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ lórí. Nígbà tóbìnrin náà ka tiẹ̀, ó rí i pé ọjọ́ kìn-ín-ní ló yẹ kóun ti fi nọ́ńbà NÁFÙDÁÀKÌ àtàwọn èròjà ọṣẹ ránṣẹ́, ọjọ́ karùn-ún lòun tó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án tó fi pẹ́, tiẹ̀ nìyẹn. Márùn-ún tó kù, ti ọmọkùnrin náà ni, odidi ọjọ́ mẹ́ta nínú ẹ̀ ni kò sì fi fèsì rárá.

Kò gbọ́dọ̀ parí síbẹ̀. Ó tún yẹ kó bi ara rẹ̀ pé èwo nínú àwọn ọjọ́ yìí gan-an ló jẹ́ kọ́jà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ká ní òun nìkan ni ò pẹ́, ọjọ́ kọkàndínlógún niṣẹ́ ì bá dé, wọn ì bá tẹ̀ ẹ́ tán láṣálẹ́ ọjọ́ kọkànlélógún, nígbà tíbi ìpàtẹ ti ń tú. Ká ní ọmọkùnrin náà nìkan ni ò pẹ́, ọjọ́ kejìdínlógún ni ì bá dé, wọn ì bá parí ẹ̀ lálẹ́ ọ̀la ìpàtẹ. Èyí ni pé obìnrin náà jẹ̀bi lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin náà lọjà ti bọ́.

Upwork ò ní kéèyàn fún gbogbo ẹ̀ ní máàkì ẹyọ kan ṣoṣo. Orí ìlà mẹ́fà ni wọ́n pín in sí: ìmọ̀ iṣẹ́, bíṣẹ́ ṣe dára sí, bó ṣe ráyè tó, pípa àdéhùn ọjọ́ mọ́, bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, àti bó ṣe fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́jọ́ tiẹ̀ ni. Ìlà tí wọ́n kọ Adherence to Schedule sí, ìràwọ̀ méjì tọ́ sí ọmọ náà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, torí pé ọjọ́ mẹ́rin kì í ṣe tiẹ̀. Communication, mẹ́ta, nítorí ọjọ́ mẹ́ta tó fi dákẹ́. Mẹ́rin tó kù, márùn-ún márùn-ún. Ẹ̀ṣẹ̀ kan kì í jẹ ìyà ẹ̀ẹ̀mejì: ẹni tó bá tìtorí pé iṣẹ́ pẹ́ gé máàkì bó ṣe dára sí, irọ́ ló pa. Àpapọ̀ rẹ̀ á fi díẹ̀ lé ní mẹ́rin.

Máàkì yìí ò kéré lójú obìnrin náà, àmọ́ níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní márùn-ún tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, yóò dun ọmọkùnrin náà. Ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ téèyàn máa kọ sábẹ́ ìràwọ̀ fi ṣe pàtàkì. Ohun tóbìnrin náà kọ nìyí:

"Iṣẹ́ rẹ̀ dára gan-an, atẹ̀wé ò tún nǹkan kan ṣe nínú ẹ̀. Ọjọ́ 14 ni àdéhùn wa, ọjọ́ 23 ló dé. Ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, ẹ̀bi tèmi ni, mi ò tètè fọ̀rọ̀ inú lébẹ̀ẹ̀lì ránṣẹ́. Ìgbà kan wà tí kò fèsì fún ọjọ́ mẹ́ta. Màá tún gbéṣẹ́ fún un, àmọ́ mi ò ní fi sí etí ọjọ́ ìpàtẹ mọ́."

Ẹni tó bá ń wá ayàwòrán, tí kò kánjú, á ka èyí, á gbéṣẹ́ fọ́mọ náà. Ẹni tó ní ìgbéyàwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á kà á, á wá ẹlòmíì lọ. Ká ní márùn-ún lásán ló fún un bí àbúrò rẹ̀ ṣe wí, ẹni kejì yẹn ni ì bá kó sí wàhálà.

Ohun kan tún wà tọ́pọ̀ èèyàn ò kà sí. Upwork tún máa ń béèrè ní kọ̀rọ̀ pé, láti 0 dé 10, báwo lẹ ṣe lè júwe ẹni yìí fún ẹlòmíì sí? Onítọ̀hún ò ní rí i, àmọ́ ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò Job Success Score rẹ̀, ìyẹn tí kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ bó bá fẹ́ jẹ́ Top Rated. Ibẹ̀ làwọn kan ti máa ń fọwọ́ ọ̀tún fúnni, tí wọ́n á fọwọ́ òsì gbà á: márùn-ún ní gbangba, mẹ́ta ní kọ̀rọ̀. Obìnrin tó kọ "màá tún gbéṣẹ́ fún un" ò lè kọ mẹ́ta. Méje ló kọ.

Ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ ni wọ́n fún kálukú láti sọ tiẹ̀, ẹnì kan ò sì ní rí tẹnì kejì títí táwọn méjèèjì á fi kọ ọ́ tàbí tọ́jọ́ á fi pé. Kò sóhun téèyàn ń bẹ̀rù níbẹ̀. Àmọ́ ọkọ obìnrin náà tún dá a lábàá pé, "Sọ fún un pé kó ya kẹfà lọ́fẹ̀ẹ́, kó o tó fún un ní márùn-ún." Upwork ò gbà bẹ́ẹ̀, òfin wọn lòdì sí kéèyàn máa fi ìràwọ̀ gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Bówó àyè bá ń dun èèyàn, kó bá ọmọ náà sọ ọ́ kíṣẹ́ tó parí, kí wọ́n jọ dúnàá-dúrà lórí ẹ̀. Ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ owó, ọ̀tọ̀ lẹ̀rí jíjẹ́.