Ìwé Èsúsú Tí Ó Yẹ Kí Olúkúlùkù Ní Lọ́wọ́

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè wá sí àgbàlá kan ní Ìgàndò pé kí a wá dá sí ọ̀rọ̀ kan tí ó fẹ́ di ìjà. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Èkíní ni olórí èsúsú, àgbà obìnrin tí àdúgbò fọkàn tán. Èkejì ni ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Ìkòtún. Èsúsú wọn ti yí dé òpin, gbogbo ènìyàn ti kó, ó sì yẹ kí inú dùn. Ṣùgbọ́n olórí ní ìyá aláṣọ ṣì jẹ ẹgbẹ́ ní ₦20,000. Ìyá aláṣọ náà ní òun kò jẹ ẹnikẹ́ni, olórí gan-an ni ó jẹ òun ní ₦10,000.

"Ìyá, ẹ má bínú," ni ó wí, "ṣùgbọ́n owó mi kò pé lọ́jọ́ tí mo kó o."

Olórí sì dáhùn pé, "Ọmọ mi, ìwé rèé. Ibi méjì ni ó ṣófo níwájú orúkọ rẹ."

A bi wọ́n léèrè títí, a sì rí i pé kò sí ẹni tí ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣì í. Bí èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí, nítorí pé ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Kí a tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí a ya èsúsú sọ́tọ̀ kúrò lára àjọ, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ará Èkó a máa fi orúkọ kan pe méjèèjì. Nínú àjọ ojoojúmọ́, alájọ ń gba owó lọ́wọ́ rẹ, ó ń sàmì sí káàdì rẹ, ní òpin oṣù ó sì dá owó ìwọ fúnra rẹ padà fún ọ, lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú èsúsú, àwọn ènìyàn mélòó kan ni wọ́n fẹnu kò sí iye kan àti ọjọ́ kan. Wọn a dá a jọ, ẹnìkan a sì kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kan olúkúlùkù. Àṣà àtayébáyé ni. Àlùfáà Samuel Johnson ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó sì wí níbẹ̀ pé ó ń jẹ́ kí aláìní lè ṣe ohun tí ó gba owó ńlá lẹ́ẹ̀kan.

Wàyí o, ẹ wo èsúsú ti Ìgàndò yìí. Ọwọ́ mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀, ₦10,000 sì ni ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn yóò kó ₦100,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni yóò sì fi parí. Ìyá aláṣọ ni ẹni kẹfà. Ó san ti ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkejì àti ìkẹta bí ó ti yẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, kò sì lè san. Olórí bá a fi owó tirẹ̀ dí i. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó fi ₦20,000 ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ó kàn án, olórí ka ₦90,000 fún un. Ó ní òun ti yọ ₦10,000 tí ó yẹ kí òun náà dá lọ́sẹ̀ náà. Láti ìkeje dé ìkẹwàá, ó ń san ₦10,000 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìwé olórí kò ní ju àmì lọ: ẹni tí ó bá san, a sàmì sí i, ẹni tí kò bá san, ibẹ̀ a ṣófo. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ṣófo. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àmì kan ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé àmì kan kò mọ̀ bóyá ₦10,000 ni a san tàbí ₦20,000. Ọ̀sẹ̀ kẹfà tún ṣófo, nítorí pé ìyá aláṣọ kò fi owó lé olórí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ibi méjì tí ó ṣófo nìyẹn, òun ni olórí ṣe ń béèrè ₦20,000. Ìyá aláṣọ ní tirẹ̀ kò ní ìwé kankan. Ohun tí ó rántí ni pé ₦90,000 ni òun gbà dípò ₦100,000, òun ni ó ṣe ń béèrè ₦10,000.

A mú bébà kan, a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó san: ₦30,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ₦20,000 ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èyí tí iṣẹ́ tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì ń jẹ́rìí sí, ₦10,000 tí a yọ lára owó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àti ₦40,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìgbẹ̀yìn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦100,000. Ohun tí ó gbà: ₦90,000 ní ọwọ́, pẹ̀lú ₦10,000 tí a gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí náà jẹ́ ₦100,000. Kò jẹ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kò sì jẹ ẹ́.

Ẹ kíyè sí ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Nígbà tí a bá yọ owó kan lára ohun tí o fẹ́ gbà, nǹkan méjì ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: o kó ₦100,000, o sì san ₦10,000. Bí o bá kọ ₦90,000 nìkan sílẹ̀, ìwé rẹ yóò fi hàn pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ, yóò sì tún fi hàn pé o kò san ti ọ̀sẹ̀ náà. Kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bákan náà ni kí o ṣe bí olórí bá gba ohunkóhun fún wàhálà rẹ̀: ìlà tirẹ̀ ni kí o kọ ọ́ sí, má ṣe dà á pọ̀ mọ́ owó èsúsú.

Báwo ni ìwé náà yóò ti rí? Ìwé kékeré tí àwọn ọmọ fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó. Fa ìlà sí i kí ó di apá márùn-ún. Èkíní, ọ̀sẹ̀ tí owó náà wà fún, èkejì, ọjọ́ tí o san án gan-an, ẹ̀kẹta, iye rẹ̀, ẹ̀kẹrin, ọ̀nà tí o gbà san án àti ẹni tí ó gbà á, ìkarùn-ún, "Ibi tí mo dúró." Bí ọwọ́ méjì ni o ń dá, ojú ìwé méjì ni kí o lò, ọ̀kan fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan.

Apá ìkarùn-ún yìí ni ọkàn ìwé náà. Kí o tó kó, gbogbo ohun tí o ti san jẹ́ gbèsè tí àwọn ẹlòmíràn jẹ ọ́. Lẹ́yìn tí o bá kó, ìwọ ni o di onígbèsè. Ní òpin ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìyá aláṣọ ní ₦50,000 lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó di ₦60,000. Lẹ́yìn tí ó kó ₦100,000, ó jẹ wọ́n ní ₦40,000. Láti ìgbà náà, ₦10,000 ń dín níbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí tí kò fi ku nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Bí ìwé rẹ kò bá parí sí òfo, àṣìṣe wà níbì kan, kí o sì wá a kí ẹgbẹ́ tó túká. Ẹ tún rí i pé ẹni tí ó kó ṣáájú jẹ ₦90,000 láti ọ̀sẹ̀ kìíní, nígbà tí ẹni ìkẹyìn ti yá àwọn ẹlòmíràn ní ₦90,000 kí ó tó kàn án. Nítorí náà, bí ó bá ṣe pẹ́ tó kí ó tó kàn ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe ṣe pàtàkì fún ọ tó.

Ní ayé ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún ni kì í gba owó lọ́wọ́ mọ́. Àwọn mìíràn a fi ránṣẹ́ sí olórí láti báǹkì. Àwọn mìíràn a fi ránṣẹ́ tààrà sí ẹni tí ó kàn, olórí kò sì rí owó náà rárá. Ní irú ti ìkejì yìí, orúkọ ẹni tí o fi ránṣẹ́ sí gbọdọ̀ wà ní apá kẹrin ìwé rẹ. Níbi tí fóònù ti ń béèrè ìdí tí o fi ń san owó, kọ "èsúsú, ọ̀sẹ̀ 4 àti 5." Má sì kọ ọ́ sínú ìwé pé o ti san títí ẹni tí o fi ránṣẹ́ sí yóò fi sọ pé owó wọlé, nítorí ó lè kúrò ní ọ̀dọ̀ rẹ kí ó má tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìwé tí ìwọ nìkan kọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìkan ni. Nítorí náà, jẹ́ kí olórí fọwọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí o san án, kì í ṣe ní ìparí. Bí kò bá sí nítòsí, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí o sọ iye àti ọ̀sẹ̀ tí ó wà fún. Ìdáhùn rẹ̀ yóò di ẹlẹ́rìí.

Ìwé kò lè dá ẹni tí ó fẹ́ sá lọ dúró. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí o lè sọ iye tí a jẹ ọ́ láìṣiyèméjì. Ní 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá kóòtù sílẹ̀ fún gbèsè kéékèèké, tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Gbèsè tí iye rẹ̀ dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, o sì ní láti kọ́kọ́ kọ ìwé sí onígbèsè láti béèrè owó náà. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ₦10,000 ni tàbí ₦20,000, kí ni yóò kọ sínú ìwé náà?

Ní Ìgàndò, nígbà tí a ka bébà wa sí etí àwọn méjèèjì, olórí wò ó pẹ́, ó sì ní, "Èmi ni mo fi àmì ṣe ìwé." Ìyá aláṣọ kúnlẹ̀ fún un. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ èsúsú mìíràn báyìí. Iye owó ni olórí ń kọ, kì í ṣe àmì mọ́. Ìyá aláṣọ náà sì ń mú ìwé tirẹ̀ lọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kí olórí lè fọwọ́ sí i.