Nọ́ńbà 42 ní Akúrẹ́, Kí Ni Wọ́n Ń Pè É ní Lọ́ńdọ̀nù?

Bí ẹ bá wọ ìsọ̀ alábàtà ní Ọjà Ọba, Akúrẹ́, nọ́ńbà àwọn ará Yúróòpù ni ẹ ó máa gbọ́: 40, 42, 45. Kò sí wàhálà níbẹ̀, àfi ìgbà tí ẹnìkan bá ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ra bàtà, 42 ni mò ń wọ̀." Ẹ̀gbọ́n dé ìsọ̀, ó bá 7, 8 àti 9. Èwo ni kí ó mú?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kàn yọ 34 kúrò. Ó bọ́ sí i fún 42, nítorí 8 ni. Ṣùgbọ́n 46 jẹ́ 11, kì í ṣe 12. Ohun tó fà á ni pé àlàfo àárín nọ́ńbà kan sí èkejì kò dọ́gba. Ti Yúróòpù jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ínṣì, èyí tí wọ́n ń pè ní gígùn hóró ọkà báálì kan láyé àtijọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í ka hóró 12 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń ka bàtà ọmọdé dé 13, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 fún àgbàlagbà. Àròpọ̀ 12 àti 13 ni 25.

Nítorí náà, ẹ ṣe nọ́ńbà yín ní ìlọ́po méjì, ẹ fi 2.54 pín in, kí ẹ sì yọ 25. 42 di 84. Bí a bá pín in, ó di 33.07, bí a bá yọ 25, ó ku 8.

Ti Amẹ́ríkà ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Fún ọkùnrin, wọ́n a fi 1 kún ti Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààbọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń fi kún un. Fún obìnrin, 2 ni. Ìyá kan ní ìlú Oǹdó tí ń wọ 39 yóò rí 5.7 nínú ìṣirò wa: 5 àbọ̀ tàbí 6 ní Lọ́ńdọ̀nù, 7 àbọ̀ tàbí 8 ní Amẹ́ríkà. Bí àbúrò rẹ̀ bá lọ mú 8 ti ọkùnrin, yóò tóbi jù fún un.

Irú ibi tí ìṣirò kò ti dá ṣáṣá yìí ni ẹ ti nílò gígùn ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí igi tí aránbàtà na awọ lé lórí ni nọ́ńbà náà ń wọ̀n, àlàfo tí olúkúlùkù sì ń fi sílẹ̀ níwájú ìka ẹsẹ̀ yàtọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ẹ dúró lórí bébà, kí gìgísẹ̀ kan ògiri. Ẹ sàmì sí ìka tó gùn jù, ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì fi èyí tó gùn ránṣẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí ń wọ 42 sábà máa ń rí nǹkan bíi 26.5.

Nọ́ńbà wọ̀nyí kò sọ nǹkan kan nípa fífẹ̀ ẹsẹ̀. Bí 42 bá ń fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan, ẹ béèrè èyí tó fẹ̀. Bí ẹ bá gba 43, gìgísẹ̀ yín ni yóò máa yọ.