Ẹ Má Jẹ́ Kí Èébú Gba Òótọ́ Lọ́wọ́ Yín

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀rẹ́ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ yunifásítì pè wá pé ká máa bọ̀ nílé òun ní Ajah. Sún kẹẹrẹ ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ gba wákàtí méjì lọ́wọ́ wa, a ti ń rò pé èèyàn kú ni. Ìgbà tí a débẹ̀, ó kàn yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa ni. Jọ́nà tó fi pépà àkọ́kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ti dáhùn. Ẹni kìíní tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ gbólóhùn mẹ́ta péré, ó ní ó dára. Ẹnì kejì kọ ojú ewé méjì. Ó ní èsì náà kò ṣe é gbà gbọ́, ó sì jọ pé òǹkọ̀wé kò mọ ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́ ti gbà á nímọ̀ràn lórí fóònù: "Jọ̀ọ́, gbàgbé wọn. Ṣebí àwọn jọ́nà tó ń gbowó wà níta, kíá ni wọ́n máa gbé e jáde." Ìmọ̀ràn yìí gan-an ni à ń bá jà. Èébú burú, ṣùgbọ́n jọ́nà tó gba owó rẹ tí kò ka pépà rẹ burú jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ya fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́ 400, èyí tó lárùn àti èyí tí kò ní, kí kọ̀ǹpútà lè kọ́ bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. Nítorí pé 400 kéré, ó sọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan di márùn-ún: ó dojú àwọn kan dé, ó dín ìmọ́lẹ̀ àwọn kan kù. Ó di 2,000. Ìgbà náà ló wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fi 1,600 kọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fi 400 tó kù dán an wò. Kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í rárá. Inú ọ̀rẹ́ wa dùn dé ọ̀run.

Lábẹ́ èébú yẹn, ìbéèrè kan wà tí ìbínú kò jẹ́ kó rí: ṣé kí ẹ tó sọ fọ́tò di púpọ̀ lẹ pín wọn, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Fọ́tò ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà mẹ́rin mìíràn. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìdánwò, tí ọ̀kankan kò sì sí nínú ohun tí kọ̀ǹpútà fi kẹ́kọ̀ọ́, ìṣirò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.2 × 0.2 × 0.2 × 0.2, ìyẹn 0.0016. Nínú fọ́tò ìdánwò 400, kò pé ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà ti rí ìbéèrè kó tó wọ yàrá ìdánwò! Ẹ ò rí i pé òótọ́ lọkùnrin yẹn sọ, pé èsì náà kò ṣe é gbà gbọ́?

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé ká kọ́kọ́ pín ewé náà, 320 síbìí, 80 sọ́hùn-ún, kí a tó sọ ti ẹ̀kọ́ nìkan di púpọ̀:

```python
train, test = train_test_split(ewe, test_size=0.2)
train = augment(train)
```

Ó tún un ṣe lóru ọjọ́ náà. Èsì já wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ lè gbára lé e. Ká ní jọ́nà olówó ló gbé ti àkọ́kọ́ jáde, irọ́ ni ìbá máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí.

Irú ìbínú yìí ti mú Einstein rí. Ní 1936, òun àti Nathan Rosen fi pépà kan ránṣẹ́ sí *Physical Review*, wọ́n ní kò sí ìgbì òòfà-ilẹ̀. Olóòtú fún ẹlòmíràn yẹ̀ wò, onítọ̀hún sì tọ́ka sí àṣìṣe. Einstein bínú, ó gba pépà rẹ̀ padà. Kó tó jáde níbòmíràn ní 1937, ó ti rí i pé àṣìṣe wà lóòótọ́, ó sì yí ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni máa gbé èébú mì o. Nídìí iṣẹ́ tiwa, a máa ń ka kóòdù ara wa kó tó jáde. Ẹni tó bá kọ "aláìmọ̀kan" tí kò tọ́ka sí ìlà kankan, kò tíì ṣiṣẹ́. Olóòtú tó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láì yọ ọ́ ní ẹ̀bi tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa fi ọjọ́ kan sinmi kó tó dáhùn. Ó ya òpó mẹ́ta: ohun tí wọ́n sọ, ohun tó ṣe sí i, ojú ewé tó yí padà. Èébú kò rí òpó kankan wọ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kó lọ ya fọ́tò ní orílẹ̀-èdè mìíràn, kò gbà. Ó ṣàlàyé pé oko agbègbè yìí nìkan ni òun ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ó sì fi bẹ́ẹ̀ sínú àkọlé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń ní ká sanwó ká máa lọ, ẹ bi ara yín: nínú gbogbo àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ta ló ka pépà náà dé ibi tí àṣìṣe wà? Ọkùnrin tó bú u yẹn nìkan ni.