Ẹ Má Fi Kún Ọ̀rọ̀ Oníbàárà

Ká ní oníbàárà kan kọ̀wé sí ìyá tó ń ta ọṣẹ dúdú lórí Wásáàpù: "Ẹ ṣé, mà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń lo ọṣẹ yín. Ara ọmọ mi ò yún un tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀." Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti di ìpolówó: "Ọṣẹ wa ń wo èélá àti ifo!" Ta ló dárúkọ èélá? Ara yíyún tó dín kù kì í ṣe àrùn tó san. Àjọ NAFDAC kò gbà kí ọṣẹ ìwẹ̀ pe ara rẹ̀ ní oògùn, òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 sì lòdì sí ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ fi "ò yún un tó ti tẹ́lẹ̀" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà sílẹ̀. Ní tèmi, "àmọ́" yẹn gan-an ló níye lórí jù, torí òun ló ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé èèyàn ló sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gba àwọn òǹkàwé nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi òrí pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tiyín. Ẹnì kan ló sọ ọ́, ẹ má kọ "àwọn oníbàárà wa". Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kó kà á, kó gbà. Ẹ má sì fi àwòrán ọmọ náà sí i.