Àìsí ẹ̀jẹ̀ kò túmọ̀ sí àìsí ìrora

Ní àgbàlá ilé ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ló ń jẹ èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí akọ inú wọn bá ti ń dàgbà, ẹni tó ni ín yóò máa ronú láti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, nítorí ọ̀dá kì í rùn bí òbúkọ, kì í gun abo kiri, ó sì máa ń sanra de ọjọ́ ọdún. Kò sí ìjà lórí èyí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni ọ̀rọ̀ wà: ọkùnrin méjì a di ẹran mú, abẹ fẹ́lẹ́ a la awọ ẹpọ̀n, wọ́n a da eérú sí ojú ọgbẹ́, iṣẹ́ parí. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, eṣinṣin a bà á, ọgbẹ́ a sì kún fún ìdin.

Wọ́n a ní ẹran ni, yóò gbàgbé. Ewúrẹ́ kúkú ń ké; àgùntàn ló máa ń dákẹ́ tí ènìyàn fi ń rò pé kò dùn ún. Ṣùgbọ́n ara ẹran ń sọ̀rọ̀. Èyí tí ìrora mú a máa dùbúlẹ̀ kó tún dìde, a máa ta ìpá, a máa yí orí wo ìdí ara rẹ̀, kò sì ní fẹ́ jẹun.

Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà ka ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, tí ó fi mọ́ iṣẹ́ abẹ tí a ṣe fún ẹran láìsí ìṣọ́ra àti àánú. Ṣùgbọ́n kò sọ ọjọ́ orí ẹran, kò sì dárúkọ oògùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ewúrẹ́ tó bá ti pé oṣù méjì kò ṣeé tẹ̀ láìsí oògùn tí ń mú ara kú, òrùka rọ́bà tí ń fún ẹpọ̀n pa kò sì gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ẹran.

Àwọn tó ti kọ abẹ sílẹ̀ máa ń yan ẹ̀mú Bọ̀dísò, tó wá láti ilẹ̀ Ítálì. Irin náà ń fọ́ okùn tó gbé ẹpọ̀n láì gé awọ. Ó dára ju abẹ lọ, nítorí kò sí ojú ọgbẹ́ fún eṣinṣin. Níbẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé: nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò jáde, wọ́n gbà pé kò dun ẹran. Irin tó fọ́ okùn ti fọ́ iṣan ìmọ̀lára inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá lò ó láìsí oògùn, ìrora rẹ̀ kò kéré.

Ẹ jẹ́ kí a wo akọ olóṣù mẹ́rin tí ó wọn kìlógíráàmù 8. Oògùn tí dókítà ẹran ń lò ni lídókéènì. Kò yẹ kí ó ju mílígíráàmù 5 lọ fún kìlógíráàmù kan, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ a máa mú ewúrẹ́ wárìrì, a sì lè fa gìrì àti ikú. Mẹ́jọ lọ́nà márùn-ún jẹ́ 40. Nínú ìgò tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà kan ní mílígíráàmù 20, nítorí náà mílílítà 2 péré ni gbogbo ohun tó tọ́ sí ẹran yìí. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi omi abẹ́rẹ́ bù ú di mílílítà 4, kí ó lè tó yí ọrùn àpò ẹpọ̀n ká, kí ó sì dé okùn méjèèjì. Ẹni tó bá fojú díwọ̀n ìwúwo dípò kó wọ̀n ọ́n ń fi ẹ̀mí ẹran ta tẹ́tẹ́.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó di dandan láti dúró tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí a sì gún awọ náà wò. Ìkánjú ló ń ba ibí jẹ́ jù. Nígbà náà ni a ó ti okùn kan sí ẹ̀gbẹ́, tí a ó pa ẹ̀mú dé lórí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí a tó bọ́ sí ìkejì. Ojú ibi méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé ní àárín, torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà bọ́ awọ ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, awọ náà yóò tutù, yóò dúdú, yóò sì rà.

Lídókéènì kì í pẹ́ ju bíi wákàtí kan lọ, wíwú ara sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fi oògùn apàrora tó ń pẹ́ lára kún un, bíi mẹlósíkáàmù, tí yóò sì sọ iye ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ pa ẹran náà jẹ.

Ti ìwo kò le: ewúrẹ́ tó ń rìn kiri ní Ìsẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni gé ìwo rẹ̀ rárá. Pátákò sì rọrùn, bí ọ̀bẹ bá ti dúró níbi tí ó bá kan ẹran ara tó pọ́n díẹ̀.

Ẹ̀mú kan tó fún ogún agboolé, bí wọ́n bá dáwó rà á, tí wọ́n sì pe dókítà lọ́jọ́ kan náà fún gbogbo akọ àdúgbò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n fọwọ́ tẹ ẹpọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá ti súnkì ti di ọ̀dá. Èyí tó ṣì kún, ẹ̀mú ti yẹ̀ lórí okùn rẹ̀, dókítà ni yóò sì tún un ṣe, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tuntun.