Ṣé ìdá 44 ni ká fi ṣírò owó dísẹ́ẹ̀lì Dúálà fún ogún ọdún?

Bí ẹ bá rí ìṣirò kan lórí ayélujára tó ń fi owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ wé owó sólà fún ogún ọdún, ẹ má tíì wo àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti sọ iye tí epo yóò máa fi wọ́n sí i lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni ìṣìnà sábà máa ń wà, kódà bí gbogbo iye owó tí wọ́n kọ bá jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlú Dúálà ní Kamẹrúùn. Ìjọba ló ń dá iye owó epo níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, wọ́n dín lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kù sí 575 fáráǹkì sẹ́fà, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ọdún méje. Ní oṣù Kejì ọdún 2023 ó di 720. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ó di 828.

Ẹni tó ń ta sólà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti oṣù Kìíní ọdún 2023, kó ní dísẹ́ẹ̀lì fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀. Ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ̀ lè kà á láti 2016 dé 2022, kó ní kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣeé gbé kalẹ̀ fún ogún ọdún.

Ìdí ni pé owó epo tí ìjọba ń dá kì í gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìjọba á máa san owó ìrànwọ́, iye náà á dúró gbagidi, nígbà tí àpò ìjọba ò bá gbà á mọ́, á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ló máa pinnu èsì. Kí oṣù Keje ọdún 2014 tó dé, 520 ni lítà kan. Lẹ́yìn ìfikún oṣù náà, ó di 600. Láti 520 dé 828, ìdá 5 ni lọ́dọọdún. Láti 600, tó jẹ́ ẹ̀yìn ìfòsókè dé ẹ̀yìn ìfòsókè, ìdá 3.4 péré ni. Ọ̀wọ́ngógó ọjà gbogbo láàárín àkókò náà tó nǹkan bí ìdá 3 lọ́dún. Lójú tèmi, 3.4 ló tọ́ jù, kí 5 sì jẹ́ òkè pátápátá.

Ká wá sọ pé ilé ìtọ́jú ẹja kan ń jó 1,000 lítà lóṣù. Ní 828, ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.94 fáráǹkì. Nínú Excel, iye lítà kan lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni:

```
=828*1.03^10
=828*1.05^10
```

Ti àkọ́kọ́ mú nǹkan bí 1,113 jáde, èkejì nǹkan bí 1,349. Bí a bá ro gbogbo ogún ọdún pọ̀, ìdá 3 ọ̀wọ́ngógó ọjà fún wa ní mílíọ̀nù 267, ìdá 5 sì fún wa ní mílíọ̀nù 329. Ìdá méjì péré yẹn ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 62, ó ju owó epo ọdún mẹ́fà lọ ní iye tòní. Bí ẹ bá fi 3.4 ṣe é, mílíọ̀nù 11 ni àlàfo náà.

Ẹ kíyè sí i: owó ọdún ogún kì í ṣe owó òní. Bí ẹ bá dín àwọn owó iwájú kù pẹ̀lú èlé ìdá 10 lọ́dún, àlàfo mílíọ̀nù 62 yẹn á di nǹkan bíi 18. Ẹni tó bá ju 62 sí yín lójú láìsọ èyí ń bù mọ́ ọn. Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú iye owó epo, kí wọ́n tún wá lo èlé báńkì tí ọ̀wọ́ngógó wà nínú rẹ̀. Epo á wá dà bíi pé ó pọ́ọ́kú. Bí ẹ bá yọ ọ́ níbì kan, ẹ yọ ọ́ níbì kejì. Ìdá 5 á wá di 1.05 tí a fi 1.03 pín, ìyẹn nǹkan bí ìdá 1.9.

Iná mànàmáná kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2012, 50 fáráǹkì ni wọ́n ń gbà lórí kílówáàtì wákàtí kan lọ́wọ́ ilé tí kò lò ju 110 lọ lóṣù, iye náà sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má fi ìdá 5 dísẹ́ẹ̀lì kàn án, ẹ má sì fi òdo síbẹ̀, torí irú ìdádúró kan náà ni epo ṣe títí di 2023. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á fi ìfòsókè ìdá 30 kan sí ọdún kẹta, mo á tún gbé e lọ sí ọdún kejìlá. Bí sólà bá borí nínú ọ̀kan tó sì pàdánù nínú èkejì, a jẹ́ pé ọjọ́ tí ìjọba máa fi owó lé e ló ń pinnu èsì yẹn.