Orúkọ Tí A Lè Fi Ké Pe Ọkọ̀ ní Èbúté



Ẹni tó ń gbé ní Ìsọlọ̀ tàbí Òṣòdì, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mọ ohun tí ojú ń rí lórí ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wa fi máa ń wọ dáńfó dé Máìlì Túù, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Màrínà. Bí èèyàn bá dé èbúté, ọkọ̀ kan kọ́ ni yóò bá níbẹ̀. Ká ní ọkọ̀ tí ó wọ̀ lánàá kò kó èrò jù, tí wọ́n sì fún oníkálukú ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó ṣí. Báwo ni yóò ṣe rí ọkọ̀ náà wọ̀ lónìí? Orúkọ ni yóò fi wá a. Bí kò bá rántí orúkọ náà, èyí tí agbèrò bá tì í sí ni yóò wọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi. Òun ni ọ̀nà tí èrò fi ń yan ọkọ̀ tó dára, tí ó sì fi ń yẹra fún èyí tí kò dára.

Ojú ọ̀nà yìí kan náà ti fún wa lẹ́kọ̀ọ́ rí. Nígbà tí Alájì Látéèfù Jákáńdè jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, láàárín 1979 sí 1983, ìjọba rẹ̀ gbé ọkọ̀ ojú omi akérò méjì sójú omi láti Máìlì Túù sí Màrínà. Ọ̀kan ń jẹ́ Baba Kékeré, èkejì ń jẹ́ Ita Fájì. Orúkọ méjèèjì ti wà lẹ́nu ará Èkó kí ọkọ̀ tó dé. Baba Kékeré ni àwọn èèyàn ń pe gómìnà náà fúnra rẹ̀, Ita Fájì sì jẹ́ àdúgbò tí gbogbo ará Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n kọ́ òun ní orúkọ tuntun. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún ọpọlọ láti ṣe ni kí ó so orúkọ tó ti mọ̀ mọ́ ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Síbẹ̀, orúkọ kìíní ní àléébù tirẹ̀. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ orúkọ olóṣèlú kan, ọkọ̀ olóṣèlú náà ni lójú èrò. Bí ìjọba bá yí padà, ẹni tó tẹ̀ lé e kì í fẹ́ gbé orúkọ ẹni tó ṣáájú lárugẹ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé tí ọkọ̀ akérò wà ni ojú omi, kì í ṣe ilé ìjọba.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé LAGFERRY jáde láti máa kó èrò lójú omi. Orúkọ náà bójú mu lórí ìwé, nítorí ó fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu. Nínú èdè Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù, bẹ́ẹ̀ ni méjì kì í tẹ̀ lé ara wọn. Nítorí náà, ahọ́n wa yóò fi fáwẹ́lì sí àárín g àti f, orúkọ yóò sì di Lágífẹ́rì. Èyí kò burú. Ibi tí ìṣòro wà ni pé fẹ́rì ni ìdajì tó kẹ́yìn, fẹ́rì sì ni gbogbo ayé ń pe ọkọ̀ ojú omi ńlá, ẹni yòówù kó ni ín. Ẹnu tó ń kánjú máa ń gé orúkọ kúrú. Ìdajì tó dá yàtọ̀ ló máa ń sọ nù, èyí tó jẹ́ ti gbogbo ọkọ̀ ló máa ń ṣẹ́ kù. Ẹ wo ibùdókọ̀ Sẹ́lẹ́ ní ọ̀nà wa níbí. Orúkọ ìjọ kan tó gùn ni, àwọn kọ̀ǹdọ́ sì gé e títí ó fi ku sílébù méjì. Ṣùgbọ́n Sẹ́lẹ́ dúró nítorí pé ìdajì tó dá yàtọ̀ ni wọ́n mú. Ẹni tó bá ń sọ ọkọ̀ lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: bí wọ́n bá gé e, èwo ni yóò kù?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìjọba ṣe ìfilọ́lẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní Omi Èkó. Àwọn alájọṣe láti ilẹ̀ Yúróòpù wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ tún ọ̀nà omi 15 ṣe, kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ oníná mànàmáná tó lé ní 75 sójú omi. Inú mi dùn pé Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ iṣẹ́ àkànṣe, ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n má ṣe sọ ọkọ̀ kankan bẹ́ẹ̀. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé orí omi Èkó ni gbogbo ọkọ̀ wà, ti ìjọba àti ti aládàáni. Orúkọ tó bá gbogbo wọn mu kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Ìdí kejì wà nínú àkọtọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ọkọ̀ láìsí àmì, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí, "Omi Eko" ni èrò yóò rí. Ẹnìkan lè kà á ní omi Èkó, ẹlòmíràn lè kà á ní omi ẹ̀kọ́, aláwàdà yóò sì kà á ní omi ẹ̀kọ, ìyẹn èyí tí à ń fọbẹ̀ jẹ. Èrò Èkó kì í pẹ́ kó tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Orúkọ tó nílò àmì kí a tó lè kà á dáadáa, ẹ fi àmì sí i lára ọkọ̀, tàbí kí ẹ wá òmíràn.

Ojú nìkan kọ́ ni a fi ń rántí orúkọ ọkọ̀. Etí ló ń kọ́kọ́ gbà á, àti etí tí ariwo ti kún. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń hó, tí omi ń lu ọkọ̀, àwọn kọ́ńsónáǹtì bíi s, f àti ṣ ni ariwo máa ń kọ́kọ́ gbé mì. Ohùn, ìyẹn ìró òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, máa ń rìn jìnnà ju wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí dùndún fi lè sọ̀rọ̀ láìní ẹnu, nítorí ohùn ni ó ń gbé. Orúkọ tó dára fún èbúté ni èyí tí ohùn rẹ̀ nìkan ti tó láti fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó wà ní ìtòsí.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ká ní ẹnìkan fẹ́ gbé ọkọ̀ sójú ọ̀nà Máìlì Túù sí Màrínà, tí orúkọ mẹ́rin sì wà níwájú rẹ̀: Tètèdé, Ọ̀sà, Ọ̀ṣun àti Lékeléke.

Tètèdé dùn ún pè, ṣùgbọ́n ìlérí ni. Ní ọjọ́ tí ewé ojú omi bá dí ọ̀nà, tí ọkọ̀ sì pẹ́, orúkọ náà yóò di ẹ̀sín lẹ́nu èrò. Àwọn èrò kan náà ni baba ńlá wọn sọ ọkọ̀ akérò ní bọ́lẹ̀kájà nítorí ìjà tí wọ́n ń bá kọ̀ǹdọ́ jà. Bí orúkọ tí a fún ọkọ̀ kò bá bá ìwà rẹ̀ mu, èrò yóò sọ ọ́ ní òmíràn.

Ọ̀sà kúrú jù. Sílébù méjì ni, ohùn méjèèjì wà nísàlẹ̀, s tó wà láàárín ni ariwo yóò sì kọ́kọ́ gbé mì. Ẹni tó wà lókèèrè lè rò pé ọlọ́sàn ló ń polówó.

Ní ti Ọ̀ṣun, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ni yóò fẹ́ ẹ, bóyá òun tàbí Olókun. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀ṣun ni odò, òun ni òrìṣà, òun ni ìpínlẹ̀, ní ìtòsí wa níbí, Ìṣẹrí Ọ̀ṣun tún wà. Bí agbèrò bá ké "Ọ̀ṣun!", ẹni tó ń lọ sí Ìṣẹrí yóò dìde. Orúkọ tí ó ti ní olówó tó pọ̀ tó báyìí kò lè di ti ọkọ̀ kan, a ó kàn máa fà á nílẹ̀ lásán ni.

Lékeléke ni èmi yóò mú. Sílébù mẹ́rin ni, kọ́ńsónáǹtì kọ̀ọ̀kan ní fáwẹ́lì tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sí àárín, lẹ́ẹ̀mejì: mí-re-mí-re. Ẹni tí kò gbọ́ ìdajì kìíní yóò gbọ́ ìdajì kejì, nítorí ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ẹnu bá gé e, "Léke" ni yóò kù, kò sì ní jọ fẹ́rì. Ẹyẹ funfun tí ọmọdé mọ̀ ni, nítorí náà a lè ya àwòrán rẹ̀ sára ọkọ̀ fún ẹni tí kò lè kàwé. Ẹnìkan lè ní màlúù ni lékeléke ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọkọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ kò ní láti ṣàlàyé iṣẹ́, kí ó ṣáà ti ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀.

Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìdán an wò. Kí ẹnìkan dúró nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ó ké orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ orúkọ àwọn ọkọ̀ mìíràn. Kí èèyàn mẹ́wàá dúró ní ìwọ̀n àádọ́ta ẹsẹ̀, kí Ìgbò àti Haúsá wà nínú wọn, kí oníkálukú sọ ohun tó gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ní ilé ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò ní Àbújá, ní ìsọ̀rí 39 tó jẹ́ ti ìrìnnà, bóyá ẹnìkan ti gba orúkọ náà.

Bí ọkọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, ẹ dúró ní èbúté Màrínà, kí ẹ bi àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ pé: "Ọkọ̀ wo lẹ wọ̀?" Ẹ má ṣe dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá dáhùn pé "ọkọ̀ funfun yẹn" tàbí "ọkọ̀ alágbà tó sanra yẹn", orúkọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó lè jẹ́ pé orúkọ ara ọkọ̀ kò bá ti ara tíkẹ́ẹ̀tì mu, tàbí pé agbèrò ń ké orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ nìkan. Ẹ tún ìyẹn ṣe kí ẹ tó yí orúkọ padà, nítorí orúkọ tí a bá pààrọ̀, ńṣe ni èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí obìnrin ará Ìsọlọ̀ kan bá dá agbèrò lóhùn pé, "Rárá o, Lékeléke ni mò ń dúró dè," orúkọ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.